Okùn Gìtá Kì í Gbọ̀n Bó Ṣe Wù Ú

Àwọn onígìtá ní ọgbọ́n kan tí wọ́n máa ń dá lójú agbo. Wọn ò ní tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá rárá. Ìka òsì ni wọ́n máa rọra fi kàn án lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ọwọ́ ọ̀tún á fà á, ìka òsì á sì kúrò kíá. Ohùn tó máa jáde á dún gooro, á sì ga ju ohùn tí okùn náà ń ní tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé ìka lọ sókè fírẹ́ẹ̀tì keje, ohùn tó tún ga sí i ni wọn yóò gbọ́. Ní karùn-ún, òmíràn tó ga ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dán an wò lókè fírẹ́ẹ̀tì kọkànlá: ohùn kúbú kan báyìí ló máa jáde, á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Okùn kan náà ni, ìka kan náà ni. Kí ló dé tí ibì kan fi gbà, tí ibòmíràn tí kò jìnnà sí i kọ̀ jálẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lára igi tí wọ́n fi ṣe gìtá, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á. Inú ìṣirò ló wà, ohun tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan: wọ́n ti de okùn náà mọ́lẹ̀ lórí méjèèjì.

Ká mú okùn karùn-ún gìtá, èyí tí àwọn olórin ń pè ní A. Láti orí ọrùn gìtá níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ títí dé bíríìjì níbi tó parí sí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 ni lára ọ̀pọ̀ gìtá. Orí rẹ̀ méjèèjì ò lè mira, àárín nìkan ló láyè láti lọ sókè kó sì wá sílẹ̀. Bí wọ́n bá fà á láìfọwọ́ kàn án níbì kankan, ìgbà 110 ló máa lọ tó máa bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Kí ló ń dá a padà bó bá ti lọ? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó fojú inú wo ẹ̀yà kékeré kan lára okùn náà, bíi mìlímítà kan péré. Okùn tó wà lápá òsì rẹ̀ ń fà á sósì, èyí tó wà lápá ọ̀tún ń fà á sọ́tùn-ún, bákan náà sì ni agbára àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀yà kékeré yìí bá tọ́ gbọọrọ, ìbáà tiẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, ìfà méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, kò sí ohun tó máa gbé e kúrò. Àmọ́ bó bá tẹ̀, ìfà méjèèjì ò kojú síra mọ́, ohun tó ṣẹ́kù nínú wọn á sì máa wọ́ ẹ̀yà náà lọ síhà inú ìtẹ̀ ọ̀hún. Bó bá ṣe tẹ̀ tó ni wọ́n máa ṣe wọ́ ọ tó.

Èyí ni gbogbo àṣírí okùn: ibi tó wà kọ́ ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa fà á, bó ṣe tẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ìwọ̀n ìtẹ̀ yẹn ni àwọn oníṣirò ń pè ní dẹrifétíìfù kejì. Dẹrifétíìfù àkọ́kọ́ ń sọ bí okùn ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó níbì kan. Ìkejì ń sọ bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà ṣe ń yí padà béèyàn ti ń tẹ̀ lé okùn lọ. Bí wọ́n bá fi u dúró fún gíga okùn, u'' ni wọ́n ń kọ fún ìtẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbà pé gíga náà kéré gan-an sí gígùn okùn, bó sì ṣe rí lára gìtá nìyẹn, nítorí mìlímítà díẹ̀ ni ìka ń fa okùn kúrò níbùdó rẹ̀.

Wàyí o, irú ìrísí wo ni okùn lè gbé wọ̀ tí ìrísí náà ò ní dà rú bó ti ń gbọ̀n? Ìrísí tó máa kàn ga, tó máa lọ sílẹ̀, tó máa yọ sódì kejì, tó tún máa padà, láìjẹ́ pé apá kan ṣíwájú tí apá kan sì kẹ́yìn? Ó gba kí ibi tó ga ní ìlọ́po méjì ibòmíràn gba ìfà tó le ní ìlọ́po méjì, kí àwọn méjèèjì lè dé ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ìtẹ̀ ni ìfà. Nítorí náà, bá a bá fi gíga pín ìtẹ̀ níbi gbogbo lórí okùn, iye kan náà ló gbọ́dọ̀ máa jáde, ìtẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dojú kọ ilé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

u'' = −k²u

Ìrísí tó bá yege ìdánwò yìí ni wọ́n ń pè ní áígẹ̀n-fọ́ńṣọ̀n dẹrifétíìfù kejì, iye kan ṣoṣo tó ń jáde níbi gbogbo náà sì ni áígẹ̀n-fálù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìrísí ló máa ń jọ èyí tó máa yege, tí á sì kùnà. Ká ní okùn kan gùn ní ìwọ̀n 1, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí ipa tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè ń gbà lójú òfuurufú, ìyẹn 4x(1−x). Ó rẹwà lójú, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó ga dé 1 láàárín, ó sì padà sí òdo. Ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 níbi gbogbo. Láàárín, níbi tí gíga ti jẹ́ 1, 8 ni ìtẹ̀ fi ju gíga lọ. Ṣùgbọ́n ní x = 0.1, gíga rẹ̀ jẹ́ 0.36 péré, ìtẹ̀ sì ṣì jẹ́ 8. Bá a bá pín in, 22.2 ló jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ń fa ẹ̀gbẹ́ okùn náà ju bó ti yẹ kí wọ́n fà á lọ. Ẹ̀gbẹ́ á kọ́kọ́ délé, àárín á ṣì wà lọ́nà, ìrísí á sì dà rú.

Wàyí, kí wọ́n fi sin(πx) rọ́pò rẹ̀. Láàárín, gíga jẹ́ 1, ìtẹ̀ sì jẹ́ 9.87. Ní x = 0.1, gíga jẹ́ 0.309, ìtẹ̀ jẹ́ 3.05. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́, kó pín in: 9.87 náà ló máa rí. Ibi yòówù kó mú lórí okùn náà, 9.87 ni, ìyẹn π². Téèyàn bá fi ìrísí méjèèjì léra, ojú lásán lè má tètè rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n okùn rí i.

Sáìnì nìkan kọ́ ni ìdọ́gba yẹn gbà láyè, kósáìnì náà gbà á. Iye k náà sì lè jẹ́ ohunkóhun. Ibi tí orí méjèèjì tí wọ́n dè ti wọ ọ̀rọ̀ rè é. Kósáìnì bẹ̀rẹ̀ láti 1 níbi tí x ti jẹ́ òdo, wọ́n sì ti de orí okùn mọ́ òdo, nítorí náà kósáìnì ti jáde. Ó ku sin(kx), èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dáadáa. Àmọ́ ó tún gbọ́dọ̀ padà sí òdo gẹ́lẹ́ níbi tí okùn parí sí. Kí wọ́n fi k = 3 dán an wò lórí okùn tó gùn ní ìwọ̀n 1: ní ìparí rẹ̀, ó ṣì wà ní 0.14 lókè. Kí wọ́n fi 4 dán an wò: ó ti kọjá òdo, ó ti já sí 0.76 nísàlẹ̀. Láàárín 3 àti 4, 3.1416 nìkan ló bá òdo pàdé níbi tó yẹ, π sì nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò tún sí òmíràn títí dé 6.2832, lẹ́yìn náà 9.4248, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, πlọ́nà n, tí n jẹ́ 1, 2, 3, 4, láìlópin.

Ẹnì kan lè béèrè pé bí ìtẹ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí ilé ńkọ́, tí ìrísí náà ń ká jìnnà sí òdo? Irú ìrísí bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tó bá ti kúrò ní òdo, ńṣe láá máa ga sí i, kò ní padà mọ́ láé, kò sì ní bá orí kejì pàdé. Bí kò bá sì ní ìtẹ̀ rárá, ìlà tó tọ́ ni. Ìlà tó tọ́ tó wà lórí òdo níbi méjèèjì ò kúrò nílẹ̀ rárá. Báyìí ni orí méjèèjì ṣe ṣa àwọn ìrísí wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi di èyí téèyàn lè máa kà ní ení, èjì. Bí okùn bá gùn ní L, orúkọ wọn ni sin(nπx/L).

Ká padà sórí gìtá. Ìrísí àkọ́kọ́ jẹ́ ìtẹ̀ kan ṣoṣo láti orí dé orí. Ìkejì ní ìtẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àárín gbùngbùn sì dúró láìmira. Ẹ̀kẹta ní ìtẹ̀ mẹ́ta, ibi méjì sì wà tí kì í mira nínú rẹ̀. Ìtẹ̀ inú ìrísí kejì le ní ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, nítorí náà ìfà rẹ̀ le ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìfà tó le ní ìlọ́po mẹ́rin sì ń mú kí ìgbọ̀n yá ní ìlọ́po méjì. Lórí okùn A, ìyẹn jẹ́ 110, 220, 330, 440 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì ń sáré lórí okùn náà ní mítà 143 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: ó ní láti rin sẹ̀ǹtímítà 130 lálọ àtàbọ̀, ìgbà 110 ló sì ń rìn ín.

Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá wà ní ìdajì okùn gan-an. Ìka tó bá kàn án níbẹ̀ ti pa gbogbo ìrísí tí àárín wọn ń mira: àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún. Èyí tó ń dúró jẹ́ẹ́ láàárín kò mọ̀ pé ìka wà níbẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 220 ni etí ń gbọ́. Fírẹ́ẹ̀tì keje wà ní sẹ̀ǹtímítà 21.62 sí orí ọrùn, ìdá mẹ́ta okùn sì jẹ́ 21.67, nítorí náà 330 ló jáde. Ìkarùn-ún súnmọ́ ìdá mẹ́rin, 440 ló jáde. Ní ti fírẹ́ẹ̀tì kọkànlá, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìrísí ìsàlẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí etí lè gbọ́ dáadáa ni ìka pa pọ̀.

Àwọn ibi tí kì í mira yìí ti pẹ́ lójú ayé. Ní 1677, John Wallis kọ̀wé nípa ohun tí ọkùnrin méjì ní Oxford, William Noble àti Thomas Pigot, ti ṣàkíyèsí. Wọ́n fi bébà wẹ́wẹ́ kọ́ okùn, wọ́n mú kó máa gbọ̀n ní ìpín ìpín, bébà tó wà lórí ibi tó ń mira sì jábọ́, èyí tó wà níbi tó dúró jẹ́ẹ́ kò kúrò. Ìdọ́gba ìgbọ̀n okùn fúnra rẹ̀ dé ní 1747 láti ọwọ́ Jean d'Alembert, ará Faransé.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Ní 1753, Daniel Bernoulli sọ pé gbogbo ọ̀nà tí okùn lè gbà gbọ̀n kò ju pé àwọn ìrísí sáìnì wọ̀nyí ń gbọ̀n pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Leonhard Euler kò gbà, d'Alembert náà kò gbà. Àtakò wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí ìka bá fa okùn, igun ṣóńṣó ló máa ń yọ lábẹ́ ìka, ìlà méjì tó tọ́ sì ni okùn máa ń di. Báwo ni sáìnì, tó ń yí ràkọ̀rọ̀ láìní igun kankan, ṣe máa para pọ̀ di ohun tó ní igun? Ní 1807, Joseph Fourier gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà lọ síwájú àwọn àgbà onímọ̀ ní Paris nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ooru, Joseph-Louis Lagrange sì takò ó. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1822. Ọdún 1829 ni Dirichlet, ará Jámánì, tó fi ẹ̀rí tó dúró hàn fún irú àwọn ìrísí tí okùn tí wọ́n fà lè ní. Bernoulli ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wá ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan kò le púpọ̀. Ní gbogbo ibi lórí okùn, wọ́n á fi gíga ìrísí tí ìka fà ṣe ìlọ́po gíga sáìnì tí wọ́n ń wá ìpín rẹ̀, wọ́n á ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti orí dé orí, wọ́n á sì fi ìdajì gígùn okùn pín in. Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni pé bí wọ́n bá ṣe irú ìṣirò yìí láàárín sáìnì méjì tó yàtọ̀ nínú àwọn ìrísí okùn náà, òdo ló máa ń jáde. Kí wọ́n wo àkọ́kọ́ àti ìkejì: àkọ́kọ́ wà lókè jálẹ̀jálẹ̀, ìkejì wà lókè ní ìdajì kan ó sì wà nísàlẹ̀ ní ìdajì kejì, èrè apá kan sì jẹ́ gbèsè apá kejì. Ìpín ẹnì kan kò lè yọ́ wọ àpò ẹlòmíràn.

Ká ní onígìtá fa okùn wa sókè ní mìlímítà 4 láàárín gbùngbùn. Ìṣirò fi hàn pé ìpín ìrísí àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 3.24. Ìkejì kò rí nǹkan kan gbà, nítorí igun tí ìka yọ bára mu lọ́tùn-ún àti lósì, ìkejì kò sì bára mu bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta gba 0.36, lódì kejì. Ẹ̀kẹrin, òdo. Ìkarùn-ún, 0.13. Ní àárín gbùngbùn, ẹ̀kẹta tó wà lódì kejì tún yí sókè, nítorí náà 3.24, 0.36 àti 0.13 para pọ̀ di 3.73. Àwọn tó kù ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí tí gbogbo rẹ̀ fi súnmọ́ 4. Bí igun ṣóńṣó ṣe ń ti ara àwọn ohun tí kò ní igun jáde nìyẹn: wọ́n pọ̀ láìlópin, ìpín wọn sì ń kéré sí i.

Bó bá wá gbé ọwọ́ súnmọ́ bíríìjì, ní ìdá márùn-ún okùn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 13, tó sì fà á ní mìlímítà 4 náà, ìpín yí padà. Àkọ́kọ́ gba 2.98, ìkejì 1.20, ẹ̀kẹta 0.54, ẹ̀kẹrin 0.19, ìkarùn-ún ò sì gba nǹkan kan, torí pé orí ibi tó ti ń dúró jẹ́ẹ́ ni ìka fà. Thomas Young, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ èyí ní 1800: ìrísí tó bá ń dúró jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n ti fa okùn kò ní sí nínú ohùn tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ohùn gìtá fi ń rọ̀, tó sì ń ṣófo, bí wọ́n bá ta á láàárín, tó sì máa ń mú bí wọ́n bá ta á nítòsí bíríìjì. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ lè fa okùn láàárín gbùngbùn, kó sì fi ìka kan án pẹ́ẹ́ níbẹ̀ gan-an. Gbogbo ìrísí tó wà nínú ohùn yẹn ló ń mira jù láàárín, nítorí náà gbogbo wọn ló máa kú. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ọwọ́ tó fà á kò bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́ ni.

Ooru tí Fourier ń lé kiri náà gba orí àwọn sáìnì wọ̀nyí kọjá. Bí wọ́n bá ti orí méjèèjì ọ̀pá irin gbígbóná bọ yìnyín, ìtẹ̀ ooru nínú ọ̀pá ló ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe máa tutù kíá tó. Àmọ́ níhìn-ín, ìtẹ̀ kì í mú nǹkan lọ kó tún bọ̀. Ńṣe ló ń pa á. Ìrísí ẹ̀kẹta ń kú ní ìlọ́po mẹ́sàn-án bí àkọ́kọ́ ṣe ń yára kú, ìkarùn-ún ní ìlọ́po 25. Kò ní pẹ́ tí àkọ́kọ́ nìkan á fi kù nínú ọ̀pá náà, bó ti wù kí ooru rẹ̀ rí níbẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò mọ́ ju okùn gidi lọ. Bíríìjì kò dúró bí òkúta. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, igi gìtá kò ní gba ìgbọ̀n kankan, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ohùn. Ìkejì ni pé okùn irin le. Kò fẹ́ kí wọ́n tẹ òun, ó sì ń fi agbára tirẹ̀ kún ìfà tó ń dá a padà, pàápàá nínú àwọn ìrísí tó tẹ̀ púpọ̀. Ìrísí sáìnì ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ìrísí òkè máa ń ga ju bó ti yẹ lọ. Nínú wáyà àárín píánò, ìrísí kẹwàá lè gbọ̀n ní nǹkan bí ìlọ́po 10.2 ti àkọ́kọ́ dípò 10 gérégé.

Àwọn tó ń fi etí tún ohùn píánò ṣe ti mọ èyí lára. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn òkè bá ìrísí òkè àwọn wáyà ìsàlẹ̀ mu, wọ́n ní láti fa wáyà òkè le díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì dẹ ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ní 1938, O. L. Railsback, ará Amẹ́ríkà, wọn àwọn píánò tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ti tún ṣe, ohun tó sì rí gan-an nìyẹn. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá parí píánò ilé yín, tí ẹ̀rọ orí fóònù wá ń sọ pé àwọn ohùn òkè ti ga jù díẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ san owó rẹ̀.